"Ewé rọ" kọ́ ni "ewé rọ̀"

Ìyá kan tó ń tajà lójú ọ̀nà Ìlobùú sí Ifọ́n-Ọ̀ṣun fi àwòrán òdòdó inú ìkòkò ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Wọ́n kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i pé: "Ewe re ti ro. Se ki n bomi rin in ni?"

Bí ó bá jẹ́ "rọ" olóhùn àárín ni, ewé ti sọ agbára nù nìyẹn, bí ewédú tí oòrùn pa. Bí ó bá jẹ́ "rọ̀" olóhùn ìsàlẹ̀, ara ewé ti dẹ̀, ìka á tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ewé tó rọ lè máa wá omi. Ewé tó rọ̀ ti mu àmujù.

Ọ̀já ìkookò ni òdòdó náà, inú ewé àti ìdí rẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí. Mo fa àwòrán náà fẹ̀. Ewé méjì ti wó láti ìdí, bẹ́ẹ̀ òkè wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Erùpẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó sì lẹ̀ mọ́ etí ìkòkò. Èyí tó gbẹ a máa súnkì kúrò létí ìkòkò. "Rọ̀" ni wọ́n ní lọ́kàn: gbòǹgbò ti ń jẹrà.

Gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá dí gbogbo àyè inú erùpẹ̀, gbòǹgbò á kú, èébu á sì bò ó. Gbòǹgbò tó jẹrà kò lè fa omi mọ́, nítorí náà ewé òdòdó mìíràn lè rọ, lóhùn àárín, nígbà tí ìdí rẹ̀ wà nínú omi. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ máa kọ bí erùpẹ̀ ṣe rí mọ́ ọn.

Àwòrán kì í rùn, kì í sì í fi abẹ́ ilẹ̀ hàn. Mo ní kí wọ́n yọ òdòdó náà, kí wọ́n ṣan erùpẹ̀ kúrò. Gbòǹgbò tó yè le, ó funfun tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn díẹ̀. Bí ẹ bá fa èyí tó jẹrà, awọ rẹ̀ á bọ́, á ku okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ọ̀bẹ tí ẹ fi sípírítì nù gé e títí ẹ ó fi kan ara tó mọ́. Ẹ tẹ́ òdòdó náà síbi ìbòòji fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu ni kí ẹ tún un gbìn sí, nínú ìdajì yanrìn oníhóró ńlá àti ìdajì erùpẹ̀ tuntun. Ẹ má bomi rin ín títí ọ̀sẹ̀ 1 yóò fi pé. Lẹ́yìn náà, àfi bí ìka yín bá wọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì tí ibẹ̀ gbẹ.

Bí gbòǹgbò bá ti tán, ẹ gé apá ewé tó ṣì le, ẹ jẹ́ kó gbẹ lójú, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ gún yanrìn. Ó lè tó oṣù díẹ̀ kó tó hù. Bí ti yín bá jẹ́ èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè létí, ọmọ tó bá hù lára ègé ewé kì í ní in mọ́. Èyí tó bá yọ láti ìdí ìyá ló ń jogún rẹ̀.