Bíìlì ọsibítù màmá tó wá kí yín: ẹ kà á kí ẹ tó san án

Bí màmá bá ti Ìbàdàn wá kí ọmọ rẹ̀ ní Peckham, tí àìsàn sì dá a dúbúlẹ̀, bíìlì ọsibítù kì í pẹ́ tẹ̀lé e délé. Ẹni tó gba físà àbẹ̀wò kò san owó ìlera tí àwọn tó wá gbé ìlú yìí máa ń san mọ́ físà wọn. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2015, ìlọ́po kan àbọ̀ iye tí NHS là kalẹ̀ fún ìtọ́jú ni ọsibítù ń gbà lọ́wọ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀: ohun tó jẹ́ £1,000 á di £1,500. Ìyẹn dùn wá, àmọ́ òfin ni. Àṣìṣe tó lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ní Nàìjíríà, ọsibítù aládàáni máa ń to ibọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, òwú àti dírípù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin náà á sì máa wá èyí tí wọn kò lò. Bíìlì NHS kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n bá gba aláìsàn sí wọ́ọ̀dù títí dìgbà tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé, iye owó kan ṣoṣo ni, kóòdù kan ló sì dúró fún un. Bẹ́ẹ̀dì, oúnjẹ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ́sírè, oògùn tó wọ́pọ̀ àti iṣẹ́ dókítà, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú owó yẹn. Ìtọ́jú àkànṣe fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, àwọn oògùn olówó gọbọi kan àti ọjọ́ tó bá kọjá gbèdéke ni wọ́n lè kà lọ́tọ̀. Nítorí náà, ohun tí a ó máa wá ni nǹkan tó ti wà nínú owó kan tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún wá kà síta.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Èmi ni mo fi iye owó rẹ̀ sí i kí ìṣirò lè rọrùn. Òtútù àyà kọ lu màmá, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lálẹ́ ọjọ́ kọkànlá oṣù. Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù míì lábẹ́ dókítà àgbà míì ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó sì lọ sílé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Bíìlì dé, ó jẹ́ £7,890.

Ìlà kìíní ni £300 fún ẹ̀ka pàjáwìrì. Kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá: ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ibẹ̀ fún gbogbo èèyàn títí wọ́n á fi gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù. Ìlà kejì ni £3,600, láti ọjọ́ kejìlá sí ìkẹrìnlá. Ìlà kẹta tún jẹ́ £3,600, láti ìkẹrìnlá sí ìkẹtàdínlógún. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọjá láìfura, torí pé ọjọ́ inú ìlà méjèèjì yàtọ̀ síra. Nígbà tí aláìsàn bá bọ́ sọ́wọ́ dókítà àgbà míì, kọ̀ǹpútà á ṣí àkọsílẹ̀ tuntun fún un. Bí akọ̀wé bá wá fi owó sí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wíwọlé kan ṣoṣo á di méjì. Àmọ́ màmá kò kúrò ní ọsibítù. Ìlà kẹrin ni £150 fún ẹ́sírè àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ní wọ́ọ̀dù, èyí tó ti wà nínú £3,600. Ìkarùn-ún ni £240 fún ìpàdé dókítà tí wọ́n ti fi sílẹ̀ de màmá, ṣùgbọ́n ó ti padà sí Ìbàdàn kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò, £3,600 ló kù.

Ohun kan tún wà tó kan àwa ará ilẹ̀ olóoru. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ibà ẹ̀fọn àti ikọ́ ife fún àlejò, àyẹ̀wò náà kò sì lówó kódà bí wọn kò bá rí àrùn náà. Bí lẹ́tà tí wọ́n fún màmá nígbà tó ń lọ sílé bá sọ pé ibà ẹ̀fọn ni, tí bíìlì sì ń béèrè owó fún un, lẹ́tà yẹn ni ẹ̀rí yín.

Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ àlejò ní ọsibítù náà. Ẹ béèrè fún ọjọ́ wíwọlé àti ọjọ́ jíjáde, kóòdù tó wà nídìí owó kọ̀ọ̀kan, àti iye rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìlọ́po kan àbọ̀. Bí ìdáhùn wọn bá ta ko lẹ́tà màmá, kí màmá béèrè fún àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan sì ni òfin sábà máa ń fún wọn láti fi ránṣẹ́. Tí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ lọ bá PALS, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn nínú ọsibítù náà.

Ẹ má gbé bíìlì sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Gbèsè tó bá tó £500, tó sì pé oṣù méjì láìsan, ọsibítù lè fi tó Home Office létí, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ kọ físà tí màmá bá tún béèrè. Ẹ ní kí wọ́n dá èyí tí ẹ ń jiyàn lé lórí dúró, kí ẹ sì bá wọn ṣe àdéhùn láti máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Orúkọ màmá ni gbèsè náà wà. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá fún ọmọ pé kó fọwọ́ sí i pé òun á san án, kó kọ́kọ́ gbé e lọ sí Citizens Advice kí wọ́n bá a kà á.