Òpó Ìbánisọ̀rọ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọgbà: Báwo Ni A Ṣe Ń Wọn Ohun Tí Ń Ti Orí Rẹ̀ Wá?

Nígbà tí a bá gbé òpó ìbánisọ̀rọ̀ gíga kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń gbé tọ àwa òjíṣẹ́ wá: ṣé ohun tí ń ti orí òpó yìí wá kò ní pa àwọn ọmọ wa lára? Kò yẹ kí a fi ẹnu lásán dáhùn pé ewu wà tàbí pé kò sí. Ohun tí ó ṣeé wọ̀n ni. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń wọ̀n ọ́n.

Ìgbì rédíò kò lágbára láti fọ́ èròjà inú ara bí ìtànṣán tí a fi ń ya àwòrán egungun ti lè ṣe. Ohun tí a mọ̀ dájú pé ó ń ṣe, bí ó bá pọ̀ jù, ni pé ó ń mú ara gbóná. Lórí èyí ni ICNIRP, àjọ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, gbé ìlànà rẹ̀ ti 1998 kà, èyí tí ó tún ṣe ní 2020. Wọ́n rí i pé wáàtì 4 fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan ni ó lè fi bí ìwọ̀n kan péré kún ooru ara. Wọ́n mú ìdá kan nínú 10 rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gun òpó, wọ́n sì mú ìdá kan nínú 50 fún gbogbo ènìyàn, tọmọdé tàgbà.

Níwọ̀n bí a kò ti lè ki ẹ̀rọ ìwọ̀n bọ inú ara, a sọ ààlà náà di èyí tí a lè wọ̀n nínú afẹ́fẹ́. Fún ìgbì 900 mẹgahẹ́ẹ̀tìsì, tí ọ̀pọ̀ fóònù ń lò, ó jẹ́ wáàtì 4.5 lórí mítà kan níbùú lóròó.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Áńtẹ́nà kan gba wáàtì 40, ó sì kó o jọ sí ìhà kan bí iná tọ́ọ̀ṣì, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an yóò rí i bí ẹni pé wáàtì 2000 ni ó ń tàn ká gbogbo ìhà. Ní mítà 6 síwájú rẹ̀, agbára náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ààlà. Ní mítà 50, ó ti di 0.064, èyí tí kò pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ààlà. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, agbára a dín kù di ìdá mẹ́rin.

Ẹni tí ń wọ̀n ọ́n a gbé ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì láti gbogbo ìhà dúró ní ibi tí ènìyàn ń gbé. Ó lè wọ̀n ọ́n ní mítà 1.1, 1.5 àti 1.7 sókè ilẹ̀, kí ó sì mú ìpíndọ́gba. Ìlànà 1998 béèrè ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 6. Ti 2020 béèrè 30 fún gbogbo ara. Bí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta bá wà lórí òpó kan, a ó ṣírò ìdá ààlà tí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, a ó sì rò wọ́n pọ̀; àròpọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju 1 lọ. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́ lápò ẹni tí ń wọ̀n, tàbí kí ó dúró súnmọ́ ẹ̀rọ jù, èsì náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Àwọn kan ní, “Abẹ́ òpó gan-an ni yàrá wa wà.” Iwájú ni áńtẹ́nà kọjú sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀, nítorí náà abẹ́ òpó kì í sábà jẹ́ ibi tí agbára ti pọ̀ jù. Yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó dojú kọ áńtẹ́nà nítòsí ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n.

Àwọn mìíràn béèrè nípa àrùn jẹjẹrẹ. Ní 2011, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìgbì rédíò sí ìpele 2B, èyíinì ni ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Orí lílo fóònù létí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí náà dá lé, kì í ṣe òpó. Fóònù súnmọ́ ara ju òpó lọ; nígbà tí òpó bá sì jìnnà, fóònù a máa lo agbára púpọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá lé òpó jìnnà lè tipa bẹ́ẹ̀ fi kún èyí tí ń wọ orí ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, bí òpó bá dé àdúgbò yín, ẹ béèrè ìwé èsì ìwọ̀n. Ẹ wò ó bóyá a wọ̀n ọ́n níbi tí àwọn ọmọ ń jókòó, bóyá a ro ti gbogbo ilé-iṣẹ́ pọ̀, àti bóyá odi tàbí ìlẹ̀kùn wà tí kò jẹ́ kí ènìyàn dé iwájú áńtẹ́nà. Ẹ má sì gbàgbé èéfín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ òpó. Ìyẹn kò nílò ẹ̀rọ kí a tó mọ̀ pé ó ń ni wá lára.