BÍ A ṢE Ń KA TÍKẸ́Ẹ̀TÌ WÉBÍRÍÌJÌ



Ní àsìkò kajú ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó máa ń kó kóró àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ sínú ọkọ̀ kan láti lọ tà á. Ní ilé-iṣẹ́ tí ń rà á, a kì í wọn àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tòun ti ẹrù ni yóò gun òṣùwọ̀n ńlá tí à ń pè ní wébíríìjì. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ó bá ti ibẹ̀ jáde ni a ó fi san owó, nítorí náà ó yẹ kí gbogbo wa lè kà á.

Ìwọ̀n mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀. Èkínní ni gúróòsì, èyíinì ni ọkọ̀, ẹrù, àpò, epo inú táńkì, àti ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀. Èkejì ni táà, ìwọ̀n ọkọ̀ náà nígbà tí a ti já ẹrù tán. Ẹ̀kẹta ni nẹ́ẹ̀tì, ohun tí ó kù nígbà tí a bá yọ táà kúrò nínú gúróòsì.

Ẹ kíyè sí i pé òṣùwọ̀n kò wọn nẹ́ẹ̀tì rárá. Ìṣirò ni ó bí i. Bí táà bá fi kílò kan lé sí i, kílò kan ti dín nínú ẹrù wa nìyẹn. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó wà nínú ọkọ̀ nígbà gúróòsì, tí kì í ṣe ẹrù, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà táà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé.

ÀPẸẸRẸ

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ kan di kajú sí àpò kòkó 130. Lórí òṣùwọ̀n ẹgbẹ́, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àpò jẹ́ kílò 10,790. Tíkẹ́ẹ̀tì wá kà báyìí:

Gúróòsì: 16,840
Táà: 6,260
Nẹ́ẹ̀tì: 10,580

Kílò 210 ti dín. Akọ̀wé wo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan náà ti tẹ́lẹ̀, ó rí i pé táà rẹ̀ máa ń jẹ́ 6,060. Kí ni ó fi 200 lé e? Nígbà tí ọkọ̀ wọlé pẹ̀lú ẹrù, dẹ́rẹ́bà nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó ń padà bọ̀ lófìfo, àwọn alábàárù mẹ́ta ti gòkè sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì wọ̀n wọ́n mọ́ ọn. Ìwọ̀n ènìyàn mẹ́ta ni a yọ kúrò nínú kajú, ó sì ju àpò méjì lọ.

Bí a bá lo táà tòótọ́, 16,840 dín 6,060 jẹ́ 10,780. Ẹ tún yọ àpò: àpò kòkó kan tó nǹkan bíi kílò kan, nítorí náà 130 ni a ó yọ. Kajú gan-an jẹ́ kílò 10,650. Òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ sọ pé 10,660. Kílò mẹ́wàá yìí kò yẹ kí ó dá ìjà sílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wébíríìjì kì í kà ju ogún-ogún kílò lọ.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢỌ́

Epo: líítà dísù kan tó kílò 0.84. Bí dẹ́rẹ́bà bá ra líítà 100 lẹ́yìn gúróòsì kí ó tó wọn táà, kílò 84 ni yóò dín nínú ẹrù yín.

Wákàtí: ẹ wo àsìkò méjèèjì lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí táà kò bá ní àsìkò tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ ọ́ láti inú ìwé àtijọ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọn ọkọ̀ náà lójú yín.

Àpò: àpò bágíkò kì í sábà tó 200 gíráàmù. Bí wọ́n bá yọ kílò kan lórí rẹ̀, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Ẹ wọn àpò òfìfo mẹ́wàá pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá.

Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀: kí ọkọ̀ tó gùn ún, òdo ni kí ó máa kà. Gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ YÍN

Gúróòsì 13,480, táà 5,220, àpò kòkó 100, àpò òfìfo mẹ́wàá jẹ́ kílò 9. Kílò mélòó ni ẹrù gan-an? Ẹ ṣe é kí ẹ tó ka ìdáhùn.

Ìdáhùn: 13,480 dín 5,220 jẹ́ 8,260. Àpò 100 jẹ́ kílò 90. Ẹrù gan-an jẹ́ kílò 8,170.