Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó bá wo rósítà ara ògiri ilé ìwòsàn, tó rí i pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣiṣẹ́, á ní wọ́n pín in dáadáa. Bí iṣẹ́ àárọ̀ bá jẹ́ wákàtí 6, tí ọ̀sán jẹ́ 6, tí òru jẹ́ 12, ẹni tó ṣe òru márùn-ún ti ṣe 60. Ẹni tó ṣe àárọ̀ márùn-ún, 30 péré. Wákàtí ni kí ẹ máa kà, ẹ fi ọjọ́ sílẹ̀.

Ká ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlua, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kájọlà, ní nọ́ọ̀sì mẹ́fà, tó sì jẹ́ pé lójoojúmọ́, méjì ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lóru. Wákàtí 30 nìyẹn lójúmọ́, 210 lọ́sẹ̀. Bí a bá pín in sọ́nà mẹ́fà, 35 ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń lọ ní mẹ́fà-mẹ́fà kò lè já sí 35 géérégé, nítorí náà kí ẹni márùn-ún ṣe 36, kí ẹnì kan ṣe 30. Ẹ jẹ́ kí 30 yìí máa yí ká. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, 210 ni oníkálukú ṣe. Òru keje náà, tó ń sọ òru ẹnì kan di méjì, kó máa yí ká bẹ́ẹ̀.

Ẹ to orúkọ sísàlẹ̀, ẹ to ọjọ́ sókè, kí àpótí kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà kan: A fún àárọ̀, S fún ọ̀sán, R fún òru. Òru Túsìdeè kì í tán ní Túsìdeè, aago mẹ́jọ àárọ̀ Wẹ́sìdeè ló ń tán. Bí A bá tẹ̀lé R, ẹ ti ní kí ẹnì kan ṣe òru mọ́ àárọ̀ láìsinmi. S náà kò dáa: ẹni tó ń gun ọ̀kadà padà sí Òkèhò, ìgbà wo ló fẹ́ sùn kó tó padà wá ní aago méjì? Àpótí tó tẹ̀lé R, kó ṣófo ni. Ibi tó ń bọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òru Sọ́ńdè, nítorí ìwé tuntun ló ń bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ẹ da Sọ́ńdè tó kọjá kọ síwájú ìwé tuntun.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Bí kíléníìkì aláboyún bá ní rósítà tirẹ̀, tí wọ́ọ̀dù ní tirẹ̀, orúkọ kan á wọ méjèèjì láìsí ẹni tó mọ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ lò. Pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ lórí fóònù ló sì burú jù: àwọn méjì ti gbà fún ara wọn, ìwé kò gbọ́. Ẹ̀yin mátírọ́nì, ẹ má gbà á àfi bí àwọn méjèèjì bá buwọ́ lù ú lórí rósítà, tí ẹ sì tún wákàtí wọn rò.