Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀ tí a kó látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má tún un tẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà la ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Àbúrò tó ń tẹ̀wé fún wa kó àlàyé lórí bí kòkòrò kò ṣe ní í ba ẹ̀wà jẹ́ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀ ẹ́ sínú Word. Ohun tó yẹ kó gba ojú ìwé kan di méjì àbọ̀. Lẹ́tà kan tóbi, òmíràn kéré, àwọ̀ búlúù wà níbí, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ mìíràn dúdú bí èéfín. Bẹ́ẹ̀, iye ojú ìwé ni onítẹ̀wé fi ń gbowó lọ́wọ́ wa! Ọmọ náà sì ti fi odindi ọ̀sán ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ náà, ló bá ní òun á tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Mo ní, "Rárá o, àbúrò mi."

Ọ̀rọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dá wá. Ó máa ń kó àṣẹ irú lẹ́tà, àwọ̀ àti àlàfo dání. Àṣẹ yẹn la ó yọ, ọ̀rọ̀ á dúró.

A kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà kan. A wá fi àwọ̀ bo ọ̀rọ̀ tí a kó wá nìkan, a tẹ ìwọ̀nyí tẹ̀ léra:

```
Ctrl+Shift+N
Ctrl+Q
Ctrl+Space
```

Èkíní dá a padà sí ìlànà ìwé wa, èkejì yọ àlàfo ìpínrọ̀, ẹ̀kẹta yọ àwọ̀ àti irú lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ tó dúdú kirikiri á padà di ṣákálá, ẹ tún un ṣe tó bá yẹ.

Síbẹ̀ ìlà kan ń já láàárín gbólóhùn. A tẹ Ctrl+Shift+8 kí àmì ìkọ̀kọ̀ lè hàn. Ọfà tó tẹ̀ ni ìlà tí wọ́n já nípá. Òbìrí kékeré ni àlàfo tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pínyà. Ctrl+H la fi wá wọn. A fi `^p` rọ́pò `^l^l`, torí ibẹ̀ ni ìpínrọ̀ ti parí, lẹ́yìn náà a fi àlàfo kan rọ́pò `^l` àti `^s`. Lẹ́tà l kékeré ni o, kì í ṣe 1. Níbi tí àdírẹ́sì tàbí iye owó bá wà ní ìlà-ìlà, ẹ má pa gbogbo `^l` pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ á dì pọ̀.

Àmì ohùn wa kò ní sọnù, inú lẹ́tà ló wà. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré dípò ẹ tàbí ọ, irú lẹ́tà tí ẹ yàn ni kò ní in, ẹ yan òmíràn.

Nígbà mìíràn, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, Ctrl+Shift+V ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́ nínú Word tuntun. Nínú ti àtijọ́, ẹ tẹ máúsì lápá ọ̀tún, kí ẹ yan Keep Text Only. Tiwa, ojú ìwé kan àti ìlà mẹ́ta ló dà.