Bí A Ṣe Ń Pín Ìwé Àlàyé Ara Ẹni sí Abala Tí Fọ́ọ̀mù Béèrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí wà fún àwọn tó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tí wọ́n sì ń wá ààyè láti ka oyè kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ní ìwé àlàyé ara ẹni kan nílẹ̀, èyí tí wọ́n kọ láìdúró láti ìgbà èwe wọn títí dé òní. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò rí fọ́ọ̀mù tó ní òun kò fẹ́ ju ọ̀rọ̀ 800 lọ, tó sì tún pín in sí abala mẹ́rin. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á mú abẹ, wọ́n á máa gé díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí iye ọ̀rọ̀ yóò fi pé. Ìwé náà yóò kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrìn gbéregbère inú rẹ̀ kò ní kúrò. A fẹ́ fi hàn yín pé pínpín ló yẹ kó ṣáájú gígé.

Ìbéèrè ni abala kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ kí a lo àpẹẹrẹ kan tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ká ní arábìnrin kan fẹ́ ka oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ìlera ará ìlú. Ìwé tó ti kọ nílẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ 1,150. Fọ́ọ̀mù béèrè báyìí:

1. Kí ló dé tí o fi yan ẹ̀kọ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ wa? (ọ̀rọ̀ 200)
2. Ẹ̀kọ́ wo lo ti kà tó mú ọ gbára dì? (ọ̀rọ̀ 200)
3. Sọ nípa iṣẹ́ kan tí o ṣe àti ohun tí o kọ́ níbẹ̀. (ọ̀rọ̀ 250)
4. Kí lo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe? (ọ̀rọ̀ 150)

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú ìbéèrè wọ̀nyí dáadáa. Ìbéèrè kìíní béèrè ohun méjì: ẹ̀kọ́ náà, àti ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìbéèrè kẹta ní iṣẹ́ *kan*, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù lè máa fún abala kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Nítorí náà, ìdáhùn tó dára gan-an, tó bá bọ́ sí abala tí kò béèrè rẹ̀, lè má mú máàkì kankan wá.

Ẹ kọ́kọ́ pín, ẹ má tíì gé

Ẹ tẹ ìwé àkọ́kọ́ náà sórí bébà. Ẹ mú bírò, kí ẹ ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìbéèrè tó ń dáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá dáhùn ìkankan, ẹ kọ òdo sí i. Ẹ má ṣe ṣàánú gbólóhùn kankan nítorí pé ó dùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó bọ́ sábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Nínú ìwé arábìnrin yìí, ọ̀rọ̀ 70 ló bọ́ sí ìbéèrè kìíní, 260 sí ìkejì, 130 sí ìkẹta, 40 péré sí ìkẹrin. Òdo gba 650. Nínú 650 yìí, ọ̀rọ̀ 210 jẹ́ ìtàn àìsàn ìyá rẹ̀ àgbà nígbà tó wà ní kékeré. 150 jẹ́ ìyìn ilé-ẹ̀kọ́ náà. 120 jẹ́ orúkọ oyè tó dì mú nínú ẹgbẹ́. 110 jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n tó yá lò. 60 jẹ́ ọpẹ́ àti àdúrà. Ọpẹ́ dára, àdúrà sì dára, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò béèrè wọn.

Ẹ wá wo ohun tí pínpín fi hàn. Arábìnrin wa rò pé ìṣòro òun ni pé ọ̀rọ̀ 350 ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ òdo kúrò, 500 ló kù. A ó tún gé 60 nínú ìdáhùn kejì kó lè di 200. Ìdáhùn kìíní kò tíì pé pẹ̀lú 130, ìkẹta pẹ̀lú 120, ìkẹrin pẹ̀lú 110. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tuntun 360 ló kù kó kọ! Ìwé tó gùn jù ní ojú ni èyí, àmọ́ ó ṣófo ní ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó bá ń fi abẹ gé kiri kò lè rí èyí láéláé.

Abala iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abala kẹta, nítorí inú iṣẹ́ tí ẹ ṣe ni ìdí tí ẹ fi fẹ́ kàwé sí i ti máa ń jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń fi kọ ìwé yìí, àmọ́ a yí ti àpẹẹrẹ wa sí Yorùbá. Ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ nìyí:

"Ní àsìkò àgùnbánirọ̀ mi, mo ní àǹfààní láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìlera kan, níbi tí mo ti kó ipa ribiribi nínú ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí mo sì kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́ tó yí ìgbésí ayé mi padà."

Kí ló ṣe gan-an? A kò mọ̀. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin: kí ni ojú mi rí, kí ni mo ṣe, kí ló yí padà, kí ni n kò tíì mọ̀? Nígbà tó dáhùn wọn, ó kọ ọ́ báyìí:

"Èmi ni mo ń bójú tó ìwé àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láàárín oṣù mẹ́ta, nínú ọmọ 120 tó gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, 43 kò padà wá gba ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Mo yẹ ìwé náà wò, mo sì rí i pé a kò kọ nọ́ńbà fóònù ìyá 26 nínú wọn sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba nọ́ńbà lọ́wọ́ gbogbo ìyá, a sì ń pè wọ́n ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 19 nínú ọmọ 112 ni kò padà wá. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ bóyá ìpè yẹn ló fà á, tàbí nítorí pé òjò ti dáwọ́ dúró tí ọ̀nà sì ti gbẹ."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Ká ní ó kọ ọ́ pé "ìpè mi ló dín in kù," olùkọ́ ìlera tó bá kà á yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé iye tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ. Wọ́n lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Àwọn abala yòókù

Ohun tí kò tíì mọ̀ yẹn ló di ìdáhùn ìbéèrè kìíní. Ó ń wá ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ohun kan ló fa òmíràn, tàbí wọ́n kàn bá ara wọn rìn ni. Ó yẹ kó lọ wo ìwé ètò ẹ̀kọ́ ilé-ìwé náà, kó dárúkọ kọ́ọ̀sì méjì tó ń kọ́ni ní irú èyí, kó sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe kan ìṣòro tó bá pàdé. Ọ̀nà tí ẹ lè fi dán abala yìí wò rọrùn: ẹ yọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kúrò, kí ẹ fi òmíràn sí i. Bí gbólóhùn náà bá ṣì dúró ṣinṣin, ìyìn ni, kì í ṣe ìdáhùn.

Ní abala kejì, ó ti to gbogbo kọ́ọ̀sì tó kà sílẹ̀. Ìwé èsì rẹ̀ yóò sọ ìyẹn fún wọn. Kó mú mẹ́ta tó sún mọ́ ẹ̀kọ́ tuntun yìí jù, kó sì sọ ohun tó lè fi wọ́n ṣe. Bí èsì ọdún kan kò bá dára, ibí ni àlàyé rẹ̀ máa wà: gbólóhùn méjì ti tó, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún bí èsì ṣe gòkè lẹ́yìn náà.

Ní abala kẹrin, "mo fẹ́ sin ìlú mi" ni ohun tó kọ. Ta ni kì í kọ ọ́? Kó sọ ibi iṣẹ́ àti iṣẹ́ náà gan-an: ó fẹ́ padà sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, kó máa tọpa àwọn ọmọ tí kò padà wá gba abẹ́rẹ́ ní gbogbo ilé ìlera tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Oyè Àmírà tó dì mú ńkọ́? Oyè lásán kò dáhùn ìbéèrè kankan. Bó bá ṣe iṣẹ́ kan nípò náà tó dára ju ti ilé ìlera lọ, kó fi ìyẹn rọ́pò rẹ̀ ní abala kẹta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi í sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ kan ni wọ́n béèrè.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó gé

Bí abala kan bá ṣì gùn jù, ẹ yọ odindi gbólóhùn kí ẹ tó máa yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí ó sábà máa ń kéde ohun tí gbólóhùn kejì máa sọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjì tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ má sì kọ "gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ lókè," torí ẹlòmíràn lè ka abala yẹn láìka èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa bóyá ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà tàbí àmì. Fọ́ọ̀mù UCAS tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì fún oyè àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì 4,000 ló gbà, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Fún àwọn tó ń wọlé láti ọdún 2026, òun náà ti pín in sí ìbéèrè mẹ́ta. Ẹ fi àlà díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má ṣe kún un dé ẹnu, nítorí kọ̀ǹpútà yín àti fọ́ọ̀mù lè má ka iye kan náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti gbé e sínú àpótí fọ́ọ̀mù, ẹ ka gbólóhùn tó kẹ́yìn níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù mìíràn máa ń gé ìyókù dànù láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn inú ìwé tiyín, kí ẹ sì ka iye ọ̀rọ̀ abala kọ̀ọ̀kan. Èwo ló ṣófo jù?
2. Ẹ fún ọ̀rẹ́ yín ní ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí ìbéèrè lórí wọn. Kó sọ ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Èyí tó bá ṣì mọ̀, ẹ tún un kọ.