Kí ni 5/7 lórí fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn?

Ìbéèrè: Àbúrò mi ya fọ́tò fọ́ọ̀mù tí ilé ìwòsàn fún ìyá wa nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kí ni "Cap. Amoxicillin 500mg tds 5/7, SOPD 2/52"?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ tú ìkékúrú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó túmọ̀. Cap. ni kápúsù, tds ni ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, nítorí náà 5/7 jẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, 2/52 sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. 2/12 ni ì bá jẹ́ oṣù méjì. SOPD ni kílíníìkì àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ: ibẹ̀ ni kí Màmá padà sí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí fọ́tò bá ṣú, tds lè jọ bd, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ ka kápúsù 500mg tí wọ́n fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 15. Bó bá jẹ́ 10 lẹ bá, ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ bi wọ́n. Ẹ má ṣe méfò lórí oògùn.